Ínkúbétọ̀ ẹyin: SDA ò gbéra mọ́, mo paná tán ó ṣì wà bẹ́ẹ̀

ÌyáẸlẹ́yin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mo ṣe ínkúbétọ̀ tó ń gba ẹyin 300, ESP32 ló ń darí ẹ̀. Àwọn tó wà lórí wáyà méjì ti I2C, SDA pẹ̀lú SCL, ni SHT31 méjì, DS3231 tó ń ka aago, MPU6050 tó ń wo bí àtẹ ẹyin ṣe tẹ̀ sí, àti síkírìnì onílà mẹ́rin. Wáyà tó ti inú àpótí lọ síbi ẹyin tó mítà 3. Aago máa ń fò, 10:37 á kàn di 10:25. Tí nẹ́pà bá mú iná lọ tá a bá yí i sórí jẹ́nẹ́rétọ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀ á dákẹ́, mo tẹ EN kò yí padà, mo yọ ọ́ kúrò nínú iná pátápátá mo tún fi sí i, bákan náà. Ẹnì kan ní kí n fi rẹsísítọ̀ 2.2k kún un, mo ti fi kún un, ó tún wá burú sí i. Ẹyin tó wà níbẹ̀ ti pé ọjọ́ 6, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí.

Wáyàpupa

Mà, ṣé ẹ fi 120 ọ́ọ̀mù sí ìparí wáyà lọ́tùn-ún lósì? Èmi náà ní wáyà méjì yìí ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ bọ́tìlì ṣe, A pẹ̀lú B, ìgbà tá a fi 120 sí i ló tó gbọ́ràn, wáyà náà sì lé ní igba mítà.

ṢódàÀgbà

@Wáyàpupa rárá o, RS485 nìyẹn, wáyà tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Tó bá fi 120 ọ́ọ̀mù sórí SDA, kò ní sí ṣíìpù kankan níbẹ̀ tó lè bá a dọ́gba. SDA pẹ̀lú SCL la ń sọ níbí.

Ìyá, kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ bá mi wo ohun mẹ́ta. Ẹ paná, ẹ yọ síkírìnì kúrò, ẹ fi mítà wọn ọ́ọ̀mù láàárín SDA àti 3V3. Lẹ́yìn náà ẹ dá síkírìnì padà, ẹ tan iná nígbà tí gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ wọn fóòtì SDA sí GND. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ gbogbo adírẹ́sì tí kòòdù aṣàwárí bá yọ jáde fún wa, ẹ má dín ọ̀kan kù.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ

Èmi ò rí ohun tí a fẹ́ wọn níbẹ̀ jàre. Wáyà mítà 3 ti gùn, wáyà tó bá gùn máa ń mú kí ìlà náà lọ́ra láti gbéra, rẹsísítọ̀ púlọ́ọ̀pù tó lágbára ló fẹ́. 2.2k yẹn ò tíì tó ni, mà, ẹ fi 1k sí i, ẹ ó rí i.

ÌyáẸlẹ́yin

Ẹ ṣeun o. @ṢódàÀgbà mo ti wọ̀n ọ́n. Ọ́ọ̀mù: 925. Fóòtì: 3.58. Adírẹ́sì tó yọ jáde:

```
0x27
0x44
0x45
0x57
0x68
```

Nǹkan márùn-ún ni mo so mọ́ ọn, márùn-ún náà ló rí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé adírẹ́sì lè jẹ́ ìṣòro.

ṢódàÀgbà

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adírẹ́sì ni ká kọ́kọ́ gbé, torí òun ló rọrùn jù. Márùn-ún tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ so. 0x57 yẹn, ṣíìpù kékeré kan tó ń pa nǹkan mọ́ sórí ni, AT24C32, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù DS3231 ló wà, òun àti aago ni wọ́n jọ tà fún yín. Nítorí náà nǹkan mẹ́fà ló wà lórí wáyà yẹn, adírẹ́sì márùn-ún ló jáde, ó túmọ̀ sí pé àwọn méjì ń gbé ilé kan náà. DS3231 ń gbé 0x68, kò sì ní ilé míì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. MPU6050 náà, 0x68 ló máa ń wà tẹ́ ẹ bá fi AD0 sílẹ̀ láìso ó mọ́ nǹkan kan. Aṣàwárí pe 0x68, àwọn méjèèjì dáhùn pa pọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo bó ṣe wá ń ba aago jẹ́. Lórí wáyà yìí kò sẹ́ni tó ń ti ìlà sókè, rẹsísítọ̀ ló ń gbé e sókè, ṣíìpù kàn lè fà á wálẹ̀ ni. Tí méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sọ 0 ló borí. DS3231 fi ìṣẹ́jú 37 ránṣẹ́ báyìí:

```
0011 0111   aago
0010 0101   MPU6050
---------
0010 0101   ohun tí ESP32 gbọ́ = 25
```

Òǹkà tí MPU ní lákòókò yẹn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n 1 á máa sọnù ni, kò ní pọ̀ sí i láé. Ẹ lọ wo ìwé yín, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú tó bá ṣàṣìṣe máa ń kéré sí èyí tó yẹ. Aago gan-an ò bàjẹ́, kíkà ló ń bàjẹ́. Ojútùú ẹ̀: ẹ so AD0 ti MPU6050 mọ́ 3V3, á kó lọ sí 0x69, kẹ́ ẹ sì sọ fún kòòdù yín.

```cpp
mpu.begin(0x69);
```

ÌyáẸlẹ́yin

Ah! Òtítọ́ ni o, mo wo ìwé, 10:37 di 10:25, 14:53 di 14:41, kò sí ibi tó ti pọ̀ sí i rí. Mo ti fi wáyà kan so AD0, aṣàwárí ti rí 0x69, ó di mẹ́fà. Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣùgbọ́n ti dídákẹ́ yẹn ńkọ́?

OníTòmátì

Ẹ má bínú pé mo já wọlé. Èmi ní yàrá tí mo ti ń sá tòmátì, mo fẹ́ fi AHT20 mẹ́rin sí igun mẹ́rin, gbogbo wọn ló jẹ́ 0x38, mo wá gbogbo ara bọ́ọ̀dù mi ò rí AD0 kankan. Kí ni kí n so?

ṢódàÀgbà

@OníTòmátì kò sí o, AHT20 ò ní ibi tá a ti ń yí i. Ẹ ra TCA9548A, ó ń pín wáyà kan sí ẹ̀ka mẹ́jọ, ẹ ó sọ fún un pé ẹ̀ka wo lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ka sẹ́ńsọ̀ ibẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fẹ́ púlọ́ọ̀pù tiẹ̀, èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù AHT20 yín lè ti tó, ẹ fi mítà wò ó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún un ká má baà da ti Ìyá rú.

Ìyá, ká padà sórí 925 yẹn. @Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ, òótọ́ lo sọ pé wáyà gígùn ń fẹ́ púlọ́ọ̀pù tó lágbára, ohun tí o ò kà ni èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí à ń rà lọ́jà ló gbé rẹsísítọ̀ tiẹ̀ wá. SHT31 méjèèjì, 10k kọ̀ọ̀kan. Aago, 4.7k. MPU, 4.7k. Gbogbo wọn dúró ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti SDA sí 3V3, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ ó di nǹkan bí 1.6k kí Ìyá tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìgbà tí 2.2k dé ló já sí 925. Ìsàlẹ̀ ibi tó yẹ kó mọ lèyí:

```
Rp(min) = (3.3 - 0.4) / 0.003 = 967 Ω
```

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ṣíìpù tó fẹ́ sọ 0 gbọ́dọ̀ fa ìlà wálẹ̀ dé 0.4 fóòtì, agbára tí wọ́n sì ṣèlérí fún un kò ju 3 mílíáńpù lọ. Tó o bá tún wá fi 1k kún un, á já sí nǹkan bí 480, ó di mílíáńpù 6 kí ṣíìpù kéékèèké yẹn máa gbé.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n mo gbọ́, mi ò mọ̀ pé bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, mo rò pé wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún wa ni. Ṣùgbọ́n 3 mílíáńpù yẹn, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ṣèlérí ni, àbí? ESP32 lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ ṣíìpù náà sì lè gbé e. 925 sí 967 ò jìnnà síra wọn.

ṢódàÀgbà

O ò parọ́. 925 nìkan ò lè pa á, mi ò sì ní kí Ìyá gbà pé òun ló fa dídákẹ́. Ṣùgbọ́n ESP32 nìkan kọ́ ló ń sọ 0, sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń dáhùn, tiẹ̀ ni mo sì ń rò.

Ohun tó ká mi lára jù ni 3.58 fóòtì. Ìlà tó wà lórí 3V3 kò yẹ kó kọjá 3.3. Ẹ̀yìn síkírìnì yẹn náà ní 4.7k, 5 fóòtì ni wọ́n sì so tiẹ̀ mọ́, òun ló ń fa SDA sókè. Ìyá, ẹ ṣọ́ra níbí o: tẹ́ ẹ bá sáré yọ 2.2k yẹn kúrò tẹ́ ẹ fi síkírìnì sílẹ̀, ìlà á tún lọ sókè sí i, nǹkan bí 3.73, torí kò ní sí ẹni tó ń dì í mọ́ 3.3 tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ESP32 sì ń fẹ́ kó má kọjá 3.6. Síkírìnì lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ ra bọ́ọ̀dù kékeré tó ń so ìlà 5 fóòtì pọ̀ mọ́ ti 3.3, tí wọ́n kọ HV àti LV sí lára, síkírìnì lọ sí HV, gbogbo èyí tó kù sí LV. Ẹ yọ 4.7k méjèèjì tó wà lẹ́yìn síkírìnì, torí tí sẹ́ńsọ̀ bá fa ìlà wálẹ̀, ti apá HV náà ló máa gbé mọ́ tiẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá yọ 2.2k. Bọ́ọ̀dù HV/LV náà ní 10k, nítorí náà apá 3V3 á wá jẹ́ 1.4k, ìyẹn dára.

Ti wáyà: mítà 3, ká ní mítà kan jẹ́ 60 pF, 180 nìyẹn, ká fi ṣíìpù àti ojú bọ́ọ̀dù kún un, ká pè é ní 250.

```
tr = 0.8473 × 1400 × 250 pF ≈ 300 ns
```

Ní ìyára 100000 Hz, ààyè tẹ́ ẹ ní jẹ́ 1000 ns, ẹ wà ní ìdẹ̀ra. Ní 400000, 300 ni òpin gan-an, ẹ má gbé e débẹ̀. Ooru ẹyin kì í yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyára yẹn ò wúlò fún yín.

BàbáAdìyẹ

Mo ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi kó tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá. Lọ́dún tó kọjá sẹ́ńsọ̀ mi dákẹ́ lóru báyìí, hítà ò sì pa, ẹyin 180 ló sè mọ́ mi lọ́wọ́, mo sunkún. Ìgbà tí mo wo kòòdù mi mo rí i: mo kọ ọ́ pé tó bá ju 37.8 lọ kó pa hítà. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ò bá dáhùn, `nan` ni láíbìrì SHT31 ń dá padà, `nan` kò sì ju nǹkankan lọ, kò kéré sí nǹkankan, ìdáhùn ìbéèrè yẹn á máa jẹ́ rárá títí láé. Hítà tó ti wà ní títàn á wà ní títàn. Ìyá, ẹ fi èyí sí i lónìí, kẹ́ ẹ tó ṣe ohun tó kù:

```cpp
if (isnan(t)) digitalWrite(HITA, LOW);
```

ÌyáẸlẹ́yin

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹyin 180! Mo ti fi sí i báyìí báyìí. Tèmi náà `t > 37.8` nìkan ló wà níbẹ̀, àyà mi já.

ṢódàÀgbà

Bàbá ẹ ṣeun, ìyẹn ló kàn án jù.

Dídákẹ́ wá kù. Ìyá, nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀ ẹ má tíì paná. Ẹ wọn SDA, ẹ wọn SCL. Lẹ́yìn náà ẹ máa yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ yọ tí SDA fi gbéra. Kẹ́ ẹ sì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kẹ́ ẹ rí ohun tí ESP32 kọ nígbà tí iná yí.

ÌyáẸlẹ́yin

Ó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ báyìí:

```
Brownout detector was triggered
```

SDA jẹ́ 0.2 fóòtì, SCL dára. Mo yọ SHT31 méjèèjì, kò gbéra. Mo yọ MPU, kò gbéra. Mo yọ aago, SDA bá fò sókè. Mo dá aago padà ó tún wálẹ̀. Mo paná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tan án, ó ṣì wà nílẹ̀! Ìgbà tí mo yọ bátìrì kékeré tó wà lára aago ló tó tú. Ṣé aago ti bàjẹ́ ni?

ṢódàÀgbà

Aago ò bàjẹ́, Ìyá, ó ń ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é ni.

Ẹ wo bó ṣe rí. ESP32 ń ka aago lọ́wọ́. Aago ń fi òǹkà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó dé orí 0, ó fa SDA wálẹ̀, ó ń dúró kí SCL lu kó lè bọ́ sórí èyí tó kàn. Àsìkò yẹn gan-an ni iná yí, fóòtì wálẹ̀, ESP32 kú ó sì tún jí. Ó ti gbàgbé pé òun ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aago ò gbàgbé ní tiẹ̀, ó ṣì di SDA mú sílẹ̀, ó ń retí lílù SCL tí kò dé. ESP32 wò ó, SDA wà nílẹ̀, ó gbà pé ìlà ò ṣófo. EN tẹ́ ẹ ń tẹ̀, ESP32 nìkan ló ń jí, kò kan aago.

Sẹ́ńsọ̀ míì, tẹ́ ẹ bá paná á gbàgbé, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n DS3231 ní bátìrì, apá tó ń bá wáyà sọ̀rọ̀ lára ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná tàbí bátìrì bá wà. Ìdí nìyẹn tí pípaná ò fi tú u. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sínú dátáṣíìtì ẹ̀ gan-an: ẹ máa lu SCL títí SDA á fi gbéra, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Ìlù 9 ló pọ̀ jù tá a máa ń nílò, torí báìtì kan jẹ́ 8, ìkẹsàn-án ni ti ìdáhùn. Ẹ fi èyí ṣáájú `Wire.begin()`:

```cpp
void tuSDA() {
  pinMode(21, INPUT_PULLUP);
  pinMode(22, OUTPUT_OPEN_DRAIN);
  digitalWrite(22, HIGH);
  for (int i = 0; i < 9 && digitalRead(21) == LOW; i++) {
    digitalWrite(22, LOW);  delayMicroseconds(5);
    digitalWrite(22, HIGH); delayMicroseconds(5);
  }
  pinMode(21, OUTPUT_OPEN_DRAIN);
  digitalWrite(21, LOW);  delayMicroseconds(5);
  digitalWrite(21, HIGH); delayMicroseconds(5);
}
```

`OUTPUT_OPEN_DRAIN` ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má fi `OUTPUT` lásán síbẹ̀, torí ESP32 á máa ti ìlà sókè lójú ẹni tó ń fà á wálẹ̀. Mo fi 21 àti 22 torí ibẹ̀ ni SDA àti SCL sábà máa ń wà, tẹ́ ẹ bá yí i padà ẹ yí i níbí náà. Kòòdù yìí ò sì lè ran yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ SCL ló wà nílẹ̀, kò sí bá a ṣe fẹ́ lu ìlà tẹ́nì kan dì mú, ìyẹn á fẹ́ kẹ́ ẹ gé iná ẹni náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tá a ò kàn yọ bátìrì aago sọnù?

ÌyáẸlẹ́yin

Àbúrò, tí bátìrì ò bá sí, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní mọ ọjọ́ tí ẹyin wà mọ́. Ọjọ́ 18 ni mo gbọ́dọ̀ dá yíyí dúró, òun ni mo fi ra aago.

ÌyáẸlẹ́yin

Mo padà dé o, ọjọ́ 12 la wà báyìí. Bọ́ọ̀dù HV/LV ti wọlé, wọ́n bá mi yọ rẹsísítọ̀ ẹ̀yìn síkírìnì, mo yọ 2.2k, SDA wá jẹ́ 3.29 fóòtì. `tuSDA()` ti wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn iná ti lọ ó sì ti dé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aago ò fò mọ́.

Ẹyọ kan ló kù. Nígbà tí mọ́tò tó ń yí àtẹ bá gbéra, SHT31 ìsàlẹ̀ máa ń pàdánù kíkà kan, bóyá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á sì dára.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ

Ariwo mọ́tò nìyẹn mà. Ẹ fi kàpásítọ̀ kékeré sórí ẹnu mọ́tò.

ṢódàÀgbà

Ó lè jẹ́ mọ́tò, ó sì lè jẹ́ wáyà. Ìyá, nínú wáyà mítà 3 yẹn, àwọn wo ni wọ́n lọ́ mọ́ra?

ÌyáẸlẹ́yin

SDA pẹ̀lú SCL ni wọ́n lọ́ mọ́ra, GND pẹ̀lú iná.

ṢódàÀgbà

Ẹ yí i padà: SDA pẹ̀lú GND, SCL pẹ̀lú iná. Bó ṣe wà báyìí, tí SCL bá fò, á máa ta SDA. Mi ò lè búra pé òun ló fa ti mọ́tò yìí, torí tó bá jẹ́ òun nìkan, ẹ̀bá máa rí i nígbà tí mọ́tò sinmi náà. Ẹ ṣe ti wáyà kẹ́ ẹ tó ṣe ti kàpásítọ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ká lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

BàbáAdìyẹ

Kó má ṣí ilẹ̀kùn ínkúbétọ̀ pẹ́ títí torí wáyà o, ooru á jáde. Kíkà ẹyọ kan lójúmọ́ ò lè pa ẹyin.

ÌyáẸlẹ́yin

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá. Tó bá di ọjọ́ 18 mọ́tò á dúró, màá wò ó bóyá kíkà tó ń sọnù yẹn á dúró pẹ̀lú ẹ̀. Tí àwọn ẹyin bá pa tán màá yí wáyà náà, màá wá sọ ohun tí mo rí.